Kotéṣọ̀n ti lọ láti ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò fọhùn: báwo lo ṣe máa béèrè tí o ò ní dà bí ẹni tó ń yọni lẹ́nu

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tábìlì ọ́físì ni mo máa ń kàn. Ọkùnrin kan ní kí n fi kotéṣọ̀n tábìlì méjìlá ránṣẹ́, mo fi píìdíẹ́fù ẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan báyìí, máàkì méjèèjì ti di búlúù, kò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ béèrè, àmọ́ mi ò fẹ́ kó máa wò mí bí ẹni tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Kí ni kí n kọ? Àbí kí n kúkú bu nǹkan kúrò nínú owó yẹn?"

Àbúrò mi, má tíì bu nǹkan kan kúrò níbì kankan. Màá padà sórí ẹ̀dínwó yẹn torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń fọwọ́ ara wọn ṣera wọn. Ohun tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ yé ẹ ni pé kì í ṣe béèrè tó o béèrè ló máa sọ ẹ́ di ayọnilẹ́nu, ohun tó o béèrè ni. Tó o bá kọ̀wé pé "sà, ẹ ẹ̀ tíì dá mi lóhùn o", o ti ní kí ọkùnrin yẹn wá ṣàlàyé ìdí tó fi dákẹ́ nìyẹn, ó sì lè má ní àlàyé kankan tó dáa, ojú á tì í díẹ̀, á ní òun máa dáhùn tó bá dọ̀la, ọ̀la á di ọ̀túnla, nígbà tó bá yá ó ti ń sá fún ẹ láìjẹ́ pé o ṣe nǹkan kan fún un. Àmọ́ tó bá jẹ́ iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ lo béèrè nípa ẹ̀, ìgbà tí wọ́n fẹ́ lo tábìlì, ibi tí wọ́n máa tò ó sí, iye tí wọ́n fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan, kò sí ohun tó máa tọrọ àforíjì fún níbẹ̀, ó kàn máa dáhùn ni.

Ọ̀rọ̀ máàkì búlúù yẹn, má gbé e lọ́kàn jù. Gbogbo ohun tó ń sọ ò ju pé ẹni náà ṣí ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ lọ. Kò sọ pé ó tẹ píìdíẹ́fù yẹn, kò sì sọ pé ó wò ó dé ìsàlẹ̀ ibi tí àròpọ̀ owó wà. Èèyàn lè wà nínú ọkọ̀, kó rí i pé fáìlì kan wọlé, kó ní òun máa wò ó dáadáa tóun bá jókòó, kó tó jókòó àwọn mìíì ti kọ̀wé sí i, tìẹ ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ meséèjì tí wọ́n bá ti ṣí kì í ní nọ́ńbà lára mọ́ tó máa rán wọn létí. Àwọn mìíì sì wà tó jẹ́ pé wọ́n ti pa àmì yẹn nínú sẹ́tíńgì fóònù wọn, wọ́n á ti ka tìẹ lọ kà á bọ̀, kò ní di búlúù láéláé. Torí náà má ṣe kọ ọ́ sínú meséèjì pé "mo rí i pé ẹ ti kà á". Mi ò mọ gbólóhùn tó ń tètè bí oníbàárà nínú tó o, ńṣe ló dà bíi pé o ń ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé.

Wàyí o, kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún? Tábìlì méjìlá kì í ṣe nǹkan tí ẹnì kan ń rà sílé, ilé iṣẹ́ ló fẹ́ lò ó, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe dáadáa kí ẹni tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀ má jẹ́ ẹni tó máa fọwọ́ sí owó. Iṣẹ́ tiẹ̀ lè má ju kó kó kotéṣọ̀n jọ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló sì ní in lófin pé ó kéré tán èèyàn mẹ́ta gbọ́dọ̀ dá iye lé iṣẹ́ kí ọ̀gá tó wò ó, tó bá wá jẹ́ pé ìwọ lo tètè fi tìẹ ránṣẹ́, àwọn méjì tó lọ́ra ni gbogbo yín jọ ń dúró dè. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ó máa kó wọn lọ bá ọ̀gá, ọ̀gá lè má sí nílé, tó bá dé á ní "eléyìí, ṣé owó gbígbé wá ti wà nínú ẹ̀?", ọkùnrin yẹn ò mọ̀, ó yẹ kó bi ẹ́ àmọ́ nǹkan mìíì ti gbà á lọ́wọ́, ó ní òun máa béèrè, ó sì gbàgbé. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún ku àwọn akáúntì, àwọn ló mọ̀ bóyá owó ẹ̀ wà lóṣù yìí tàbí ó di oṣù tó ń bọ̀. Nínú gbogbo lọ síbí lọ sọ́hùn-ún yìí, kò sí ẹni tó máa rántí pe káfíńtà láti sọ fún un pé ibi báyìí la bá a dé. Ẹni tí ò ṣe mọ́ máa ń dákẹ́, ẹni tó fẹ́ ṣe tọwọ́ ẹ̀ ò tíì tó o náà máa ń dákẹ́, tó o bá wà níta méjèèjì ò yàtọ̀ síra. Ohun tí meséèjì tó o fẹ́ kọ yìí wà fún nìyẹn, kó o lè mọ ibi tí iṣẹ́ há sí. Kì í ṣe kó o fi fa ọwọ́ ẹ̀ kó lè sanwó.

Torí náà kó o tó kọ ohunkóhun, ṣí píìdíẹ́fù tìẹ fúnra ẹ lórí fóònù, má ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, torí orí fóònù lòun náà ti wò ó, kó o wá kà á bí ẹni tí ò bá ẹ sọ̀rọ̀ rí. Ṣé ó wà níbẹ̀ bóyá owó gbígbé lọ àti títò ti wọ inú àròpọ̀ yẹn? Ṣé o kọ bí pákó ṣe nípọn tó, 18 mílímítà ni àbí 25? Ṣé dúrọ́ọ̀ ní kọ́kọ́rọ́? Ọjọ́ mélòó ló máa gbà ẹ́ láti ìgbà tí wọ́n bá san owó ìṣáájú, èló sì ni owó ìṣáájú yẹn nínú gbogbo ẹ̀? Títí di ọjọ́ wo ni iye tó o kọ yìí fi dúró? Mo lè fi ohun tí mo ní dúró pé o máa rí ó kéré tán ihò kan níbẹ̀, torí kotéṣọ̀n oníṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù tó jẹ́ pé "tábìlì 12, iye ẹyọ kan, àròpọ̀" nìkan ló wà nínú ẹ̀. Ihò yẹn lè jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ há sí lọ́dọ̀ wọn, tí kò bá tiẹ̀ jẹ́ òun, ó ṣì fún ẹ ní ìdí gidi tó o fi ń kọ̀wé, o ò wá kàn ń kọ ọ́ torí pé ọjọ́ ti pẹ́.

Ká ní o wò ó, o rí i pé gbígbé lọ àti títò wà nínú iye yẹn lóòótọ́ àmọ́ o ò kọ ọ́ síbì kankan. Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ rèé:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Lórí tábìlì méjìlá tí mo fi kotéṣọ̀n ẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun: gbígbé wá àti títò sí ọ́físì yín ti wà nínú àròpọ̀ yẹn, ẹ ò ní san nǹkan kan lé e, mi ò kọ ọ́ sínú ìwé ni. Ìgbà tí owó ìṣáájú bá wọlé, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni màá fi parí ẹ̀. Ṣé ẹ ṣì ń wò ó pé kẹ́ ẹ gbà wọ́n kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, àbí ó máa sún díẹ̀? Ẹ ṣé sà."

Wo ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa. Ó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó ń sọ, torí ọkùnrin yẹn lè ní kotéṣọ̀n ẹ̀rọ amúlétutù àti ti kọ́tìnnì lọ́wọ́ pẹ̀lú tìẹ, kò yẹ kó máa wá inú fóònù kó tó mọ ẹni tó o jẹ́. Ó wá fún un ní nǹkan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, kì í ṣe mẹ́ta, èyí téèyàn lè dáhùn lórí ìdúró, kó ní "ó máa sún o" tàbí "à ń dúró de ọ̀gá". Ìdáhùn méjèèjì tó o fi síwájú ẹ̀ yẹn, kò sí "rárá" nínú wọn, ìyẹn sì mú kó rọrùn fún un, torí púpọ̀ nínú àwọn tó ń dákẹ́, "rárá" ni wọn ò fẹ́ sọ lẹ́nu, wọ́n mọ̀ pé o ti jókòó ṣírò nǹkan yẹn. Tó bá sọ pé ó máa sún, o bi í pé "ẹ ṣé sà, ṣé kí n padà bi yín ní ìparí oṣù?", tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, o ti gbàyè, kò sẹ́ni tó máa pè ẹ́ ní ayọnilẹ́nu mọ́ tó o bá kọ̀wé lọ́jọ́ yẹn.

Ohun mìíì tún wà nínú ẹ̀ tí kì í hàn síta. Meséèjì yẹn ṣeé fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá bó ṣe wà. Ọkùnrin yẹn lè tẹ̀ ẹ́, kó fi ṣọwọ́ sí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ owó gbígbé wá, kò ní láti tún un kọ. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fi "ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ yìí máa ràn mí lọ́wọ́ gan-an" síbẹ̀, ojú á tì í láti fi irú ẹ̀ han ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá fúnra ẹ̀ tó bá kà á á máa rò ó pé tábìlì méjìlá yìí ṣé ọwọ́ ẹni yìí lè ká a ṣá. Tó o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, di píìdíẹ́fù àkọ́kọ́ yẹn mú lórí Wasáàpù, fà á sí ọ̀tún, kó o wá kọ tìẹ sábẹ́ ẹ̀, ìyẹn á jẹ́ kí kotéṣọ̀n yẹn hàn lókè ọ̀rọ̀ ẹ, ó kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni á sì gbé e débẹ̀. Tó bá jẹ́ ímeèlì, dáhùn lórí èyí tó o kọ tẹ́lẹ̀, má ṣí tuntun. Má tún fáìlì kan náà fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú "bóyá ẹ ò rí i", àyàfi tó o bá tún nǹkan ṣe nínú ẹ̀, tó o bá sì tún un ṣe, fi ọjọ́ tuntun sórúkọ ẹ̀ kí wọ́n má bàa máa fi èyí àtijọ́ lé ọ̀gá lọ́wọ́.

Ti ọjọ́ ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kan lójú ẹni tó ń dúró gùn gan-an ni, àmọ́ tó o bá yọ Sátidé àti Sọ́ńdè kúrò, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni, fún iṣẹ́ ọ́físì tó ní ju ẹnì kan tó máa fọwọ́ sí i lọ kò tíì pẹ́ rárá. Ká ní ẹnì kan ló ní kó o bá òun tún àga kan ṣoṣo ṣe sílé ni, ọjọ́ méjì mẹ́ta ti tó láti béèrè. Èmi ò fẹ́ràn àárọ̀ ọjọ́ Ajé torí iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ló wà nílẹ̀ fún wọn, ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè náà tẹ̀lé e torí tí wọ́n bá kà á wọ́n á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn sì ti tún ní tiẹ̀. Àárín ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti jókòó dáadáa láàárọ̀, ni mo máa ń kọ tèmi.

Ó wá ku ẹ̀dínwó tó o bi mí. Wò ó, ọkùnrin yẹn ò tíì sọ pé owó pọ̀. Ìwọ lo sọ ọ́ fún ara ẹ. Tó o bá kọ̀wé sí i lónìí pé o ti bu ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, ohun tó máa gbọ́ ni pé iye tó o kọ́kọ́ kọ yẹn, o ti fi nǹkan lé e, tóun bá tún dákẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí i bóyá á tún wálẹ̀. Ọ̀gbọ́n inú ọ̀rọ̀ owó yẹn náà rèé, jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní gbogbo àròpọ̀ yẹn jẹ́ 100, kí 80 nínú ẹ̀ jẹ́ pákó, irin, gọ́ọ̀mù, ọkọ̀ àti owó àwọn tó ń bá ẹ ṣiṣẹ́, kí 20 ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ẹ. O bu 10 kúrò, àròpọ̀ di 90, àmọ́ 80 yẹn ò dín, pákó ò gbọ́ pé o dín owó. Ohun tó kù sọ́wọ́ ẹ di 10. Ìdajì èrè ẹ lo fi ta ọkùnrin tí ò tíì bẹ̀ ẹ́ lọ́rẹ.

Tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé owó ju èyí tí wọ́n là sílẹ̀ lọ, ìyẹn yàtọ̀, a ti mọ ibi tó há sí. Bi í pé èló ni wọ́n là sílẹ̀, àwọn mìíì máa sọ, àwọn mìíì ò ní sọ. Kó o wá dín iṣẹ́ kù, má dín owó lásán. Dúrọ́ọ̀ mẹ́ta lè di ẹyọ kan, pákó 25 mílímítà lè wà lórí nìkan kí ẹsẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 18, wọ́n sì lè gba mẹ́fà lóṣù yìí kí wọ́n gba mẹ́fà tó kù lóṣù tó ń bọ̀ tó bá jẹ́ pé owó tó wà nílẹ̀ ni kò tó. Kọ ọ́ sílẹ̀ kedere ohun tó o yọ kúrò, kí iye àkọ́kọ́ lè ṣì jẹ́ òótọ́ lójú wọn, kó má sì wá di pé lọ́jọ́ tó o gbé e dé wọ́n ń bi ẹ́ pé dúrọ́ọ̀ tó kù dà.

Ká ní o kọ meséèjì yẹn tí kò tún dáhùn ńkọ́? Jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ kan mìíì, kó o wá pè é. Ìpè kọ́ ló yẹ kó ṣáájú, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kejì ló dáa jù fún un, torí àwọn kan wà tí wọn ò mọ̀ọ́ kọ nǹkan ránṣẹ́ rárá àmọ́ tí wọ́n á bá ẹ sọ gbogbo ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì lórí fóònù. Kọ́kọ́ bi í bóyá àsìkò yẹn rọrùn fún un. Tó bá ní òun ń ṣèpàdé, bi í ìgbà tó o lè pè padà, kó o sì pè nígbà yẹn lóòótọ́. Tó bá rọrùn, ìbéèrè kan tó wúlò gan-an ni "sà, ṣé nǹkan kan wà nínú kotéṣọ̀n yẹn tí ẹ fẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹlòmíì tó máa wò ó?" Ibẹ̀ lo ti máa gbọ́ pé ọ̀gá ló kù àbí akáúntì. Má wá tìtorí ẹ̀ lọ wá nọ́ńbà ọ̀gá náà pè o. O lè rí iṣẹ́ gbà báyẹn lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ọkùnrin tó o gbà lórí ẹ̀ yẹn ló máa bá ẹ gba tábìlì wọlé, òun ló sì máa sọ bóyá ó dáa kí wọ́n tó san owó tó kù.

Tí ìyẹn náà ò bá yọrí sí nǹkan kan, meséèjì kan ló kù, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, òun ló sì máa ń yà àwọn èèyàn lẹ́nu jù torí òun ni wọ́n sábà máa ń dáhùn:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tábìlì méjìlá yẹn ti sún síwájú, torí náà mo fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ tí mò ń dúró dè. Iye tí mo fún yín ò ní yí padà títí di ọjọ́ 30 oṣù yìí, lẹ́yìn ìgbà náà màá tún un ṣírò bí pákó bá ṣe wà lọ́jà. Tó bá tún di nǹkan, ẹ pè mí nígbàkigbà."

Kò sí ìbínú nínú ẹ̀, kò sí pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ṣì fẹ́ ṣe á tètè fọhùn torí ó rí i pé o ti fẹ́ kúrò níbẹ̀, ẹni tí ò ṣe mọ́ á ní ọkàn láti sọ fún ẹ pé àwọn ti fún ẹlòmíì, torí o ti bá a sọ èyí tó le jù nínú ẹ̀. Àmọ́ tó o bá kọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Kó o má wá tún padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta pé "sà, mo kàn ní kí n kí yín ni". Ọjọ́ 30 yẹn náà, tí kò bá jẹ́ òótọ́ pé owó pákó ń yí, má kọ ọ́, torí tí wọ́n bá pè ẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn tó o sì ṣì fún wọn ní iye kan náà, wọn ò ní gba ọjọ́ kankan tó o bá dá gbọ́ mọ́.

Ẹnì kan wà ṣá tí kò sí meséèjì tó lè ràn án. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ fún látìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n kàn fi tìẹ kún iye kí ó lè pé mẹ́ta, kò sí ọ̀nà tó o lè gbé e gbà. Kò rọrùn láti dá wọn mọ̀ dájú, àmọ́ ronú padà sí ìgbà tó kọ́kọ́ bá ẹ sọ̀rọ̀. Ṣé ó bi ẹ́ ní nǹkan kan nípa iṣẹ́ ẹ, ó ní kó o wá wọn ibẹ̀, ó béèrè àwọ̀, ó béèrè ọjọ́ tó o lè parí ẹ̀? Àbí ńṣe ló kàn ju ìwé kan tí wọ́n ti kọ gbogbo ìwọ̀n sí ránṣẹ́, tó ní "jẹ́ kó wọlé lónìí", tí kò sì tún bi ẹ́ léèrè nǹkan kan mọ́? Tó bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn yìí, kọ meséèjì àkọ́kọ́ yẹn ṣá, torí o lè ṣi èèyàn rò, àmọ́ má tọ́jú ààyè sílẹ̀ dè é, má sì lọ fi owó ara ẹ ra pákó sílẹ̀.

Kotéṣọ̀n tó o bá tún fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ mìíì, bi wọ́n lọ́jọ́ tó o fi ránṣẹ́ gan-an pé "sà, ọjọ́ wo lẹ rò pé ẹ máa ti pinnu?" Tó bá ní tó bá di Fúráìdè, sọ pé wàá béèrè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, kó o sì kọ ọ́ sínú fóònù ẹ. Tó bá wá sọ pé òun ò lè sọ, ẹlòmíì ló máa pinnu nìyẹn, kó o yáa kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé yẹn, gbígbé wá, títò, pákó, ọjọ́, owó ìṣáájú, torí ẹni tó máa kà á kẹ́yìn ò ní nọ́ńbà ẹ lọ́wọ́.